Ọ̀nà méjì láti kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lórí ikú aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ṣẹ̀jẹ̀ kú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé wá fà á sí lára pẹ́ 70 ìṣẹ́jú kó tó dé.

Akọ̀wé kìíní kọ ìpàdé náà bí ẹnu ṣe sọ ọ́: dókítà sọ báyìí, nọ́ọ̀sì fèsì báyìí, a sì gbà pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni “gbogbo òṣìṣẹ́”?

Akọ̀wé kejì bi ara rẹ̀ pé kí ló fa ìdádúró. Ó rí i pé ojú ni wọ́n fi díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dà, ojú sì sábà máa ń rí i bíi pé ó kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ó tún rí i pé láàbù dá ìgò ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò padà nítorí kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ kò bá ẹnikẹ́ni wí: ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn lójú pàjáwìrì kò lè tún máa sáré ìwé. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́: kí olórí nọ́ọ̀sì gbé òṣùwọ̀n sí yàrá ìbímọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n máa wọn aṣọ tó fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yọ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ kúrò, gíráàmù 1 tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà 1.

Tèmi, ti kejì ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ máa ń sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń fi ìlà mẹ́ta tó sọ àkókò síwájú rẹ̀.