Ẹ ṣọ́ra fún fídíò ẹ̀rọ ìlọta "6000W" tó ń káàkiri Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé ọjà ránṣẹ́ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ọkùnrin tó ń fi fídíò ta ẹ̀rọ ìlọta lórí Wáàtsáàpù lásìkò yìí. Bí ẹ ṣe máa dá fídíò náà mọ̀ rèé: táìsì aláwọ̀ ewé wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sórí tábìlì, ẹ̀rọ náà dúdú, wọ́n kọ 6000W gàdàgbà sí i níwájú, orin sì ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. 18,000 sẹ́fà ló ń tà á, Mómò ló sì ń gbà kó tó gbé ọjà jáde.

Ìyá alákàrà kan ládùúgbò wa, nítòsí ọjà Wàǹdó, rà á. Ẹ̀wà àkọ́kọ́ tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ò tíì kúnná tí òórùn jíjó fi gba gbogbo ilé. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n bá wọn wò ó. Nígbà tí mo gbé ike orí rẹ̀ kúrò, mo rí i pé eyín kékeré tó so ọ̀bẹ pọ̀ mọ́ mọ́tò ti jẹ tán pátápátá, ike lásán ni, ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ ló kù sílẹ̀. Ìyá pe ọlọ́jà, ó ní wọ́n ti da omi sí ìdí ẹ̀rọ ni. Nígbà tí wọ́n máa tún pè é, ó ti dí nọ́ńbà wọn pa. Owó tí ìyá fi ń ra ẹ̀wà àti epo ló lọ bẹ́ẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i rárá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi fóònù ya fídíò fún àwọn tó ń ta nǹkan ìdáná. Nítorí náà mo jókòó ti fídíò ọ̀gbẹ́ni yìí, mo ń dá a dúró, mo ń wò ó díẹ̀díẹ̀. Ó da ẹ̀wà sínú ike, ó bu omi sí i, ó dé e, ó tẹ bọ́tìnì. Kámẹ́rà wá kúrò lórí ẹ̀rọ, ó bọ́ sójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí kámẹ́rà máa padà, ẹ̀wà ti lọ̀ kúnná bí ẹ̀kọ tútù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Kí kámẹ́rà tó kúrò, omi ń kán lára ọrùn ike. Nígbà tó padà, ara ike ti gbẹ táútáú. Wáyà tó wà lápá òsì ti bọ́ sápá ọ̀tún. Ohun tó wà nínú ike sì ga ju ibi tí ẹ̀wà àti omi dé lákọ̀ọ́kọ́ lọ. Ike mìíràn ni wọ́n gbé wá, tí wọ́n ti bu ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ níbòmíràn sí.

Orin yẹn náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gidi kì í dún bákan náà látòkèdélẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ṣe ń bọ́ sínú ẹ̀wà, ohùn mọ́tò á rẹlẹ̀, á máa kùn. Bí ẹ̀wà bá ṣe ń kúnná, ohùn náà á tún máa ròkè. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á mọ̀ bóyá mọ́tò ń jìyà tàbí ó ń ṣiṣẹ́. Orin ni wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀. Èmi kì í fi orin síbi tí ẹ̀rọ bá ti ń lọ nǹkan, oníbàárà ì báà bẹ̀ mí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 6000W yẹn. Ojú iná ara ògiri ilé wa, 16A ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i, iná tó sì ń wọlé jẹ́ 220V. Ẹ sọ 16 di ìlọ́po 220, ẹ máa rí 3,520 wáàtì. Kò sí bí ẹ̀rọ tí a kì bọ irú ojú iná bẹ́ẹ̀ ṣe máa fa 6,000. Ẹnu wáyà pẹlẹbẹ oníka méjì tó wà lára ẹ̀rọ ìyá yìí tilẹ̀ kéré sí i: 2.5A ni wọ́n tẹ̀ sí i lára, ìyẹn ò sì ju 550 wáàtì lọ. Ẹ máa ka ibẹ̀, torí ẹni tó tẹ irọ́ síwájú ẹ̀rọ kì í sábà rántí ẹnu wáyà.

Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ kan nílé tí ẹ ń fura sí, mítà iná lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ pa gbogbo nǹkan míì tó ń lo iná. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Bí wọ́n bá kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ fi ń lọ ẹ̀wà, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 60. Ẹ̀wà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ o, torí ẹ̀rọ òfìfo kì í fa iná tó bó ṣe yẹ. Ti ìyá ò ṣeé wọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí jẹ́ kí n wọ̀n tiẹ̀: ìgbà márùn-ún ló ṣẹ́jú, ìyẹn bí 300 wáàtì. 6,000 gidi ì bá ṣẹ́jú nígbà ọgọ́rùn-ún. Bí nọ́ńbà mìíràn ló wà lára mítà yín, ẹ fi nọ́ńbà náà pín 60,000, kí ẹ fi èyí tó bá jáde rọ́pò 60. 300 wáàtì ò burú fún tòmátò àti ata díẹ̀, àmọ́ kò lè gbé ẹ̀wà àkàrà tí èèyàn fẹ́ tà láràárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ lórí fóònù, kó má gba fídíò tó ti wà nílẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà ya tuntun fún yín. Ohun tí mo máa ń ní káwọn èèyàn mi kọ sí i rèé, ẹ lè dà á kọ bó ṣe wà:

"Ẹ kú ọjà o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fídíò kan ṣoṣo láìdá a dúró, láìfi orin sí i. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ mi àti ọjọ́ òní. Ẹ dorí ẹ̀rọ kodò kí n rí ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà hàn mí. Ẹ gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀wà rírẹ kan, kí ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kí n rí i. Ẹ da ife ẹ̀wà kan àti ìdajì ife omi sí i, ẹ lọ̀ ọ́, kí kámẹ́rà má kúrò lórí ike. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ fi èyí tó kù lórí asẹ́ hàn mí."

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ ẹ̀wà ni pé èyí tí wọ́n kàn rẹ á ṣẹ́ sí méjì, èyí tí wọ́n ti sè á fọ́ pẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà sísè ò sì fi agbára ẹ̀rọ kankan hàn. Asẹ́ ní tirẹ̀ ń fi hóró tó sá fún ọ̀bẹ hàn. Fídíò yìí ò lè sọ bóyá ẹ̀rọ máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ ọlọ́jà tó ní ẹ̀rọ gidi. Mo fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn láti orí nọ́ńbà mìíràn. Fídíò olórin yẹn náà ló tún fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó fún un, ẹ má ju ẹ̀rọ náà nù, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ rẹ́. Ẹ tọ́jú fídíò rẹ̀, iṣẹ́ ohùn rẹ̀ àti iṣẹ́ tí Mómò fi ránṣẹ́ nígbà tí owó kúrò. CNIN ní Kútọnu ló ń gba ẹ̀sùn jìbìtì orí ẹ̀rọ ayélujára. Ìyá ti gbà pé ká kọ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ lọ kó kàn sí mi kó tó di ọjà Wàǹdó tó ń bọ̀.