Ìkìlọ̀: Ẹ yẹ táìmù-ṣíìtì wò fínnífínní kí ẹ tó sanwó fún kọ́ńsọ́táǹtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún kọ́ńsọ́táǹtì tó ń gbowó ní wákàtí-wákàtí, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ínfọ́ìsì wọn ń dán gbinrin, tí táìmù-ṣíìtì tí wọ́n so mọ́ ọn kún fọ́fọ́, síbẹ̀ tí owó inú rẹ̀ lé. Wọn kì í sábà kọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gan-an ni wọ́n ń bù lé, díẹ̀díẹ̀, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ nìkan kò lè rí i.

Ká ní ₦30,000 ni owó wákàtí kan. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìṣẹ́jú 10 bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fi 20 dáhùn ímeèlì, ó fi 35 ṣe ìpàdé, ó sì fi 5 fi fáìlì ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú 70 ni gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦35,000. Ṣùgbọ́n tó bá ń sún ìlà kọ̀ọ̀kan sókè sí ìdajì wákàtí, 10 á di 30, 20 á di 30, 35 á di 60, 5 pàápàá á di 30. Ó ti di ìṣẹ́jú 150 nìyẹn, ẹ ó sì san ₦75,000.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sún àkókò sókè ni olè o. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ló ń fi ìṣẹ́jú 6 ka àkókò, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá wákàtí ni. Lọ́nà yẹn, iṣẹ́ òkè yìí á jẹ́ ìṣẹ́jú 78, ìyẹn ₦39,000, kò sì burú. Ibi tó ti di ìrẹ́jẹ ni kí ó máa fi ìdajì wákàtí sún un láìsọ fún yín ṣáájú. Ẹ wo nọ́ńbà orí ìlà: tí gbogbo ìlà oṣù kan bá parí sí .0 tàbí .5, tí kò sí .2 tàbí .7 kankan, ẹ fura.

PDF ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ránṣẹ́, torí pé kò fi hàn bóyá wọ́n ṣírò àròpọ̀ ni tàbí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ béèrè fáìlì Excel, kí àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí ìbẹ̀rẹ̀ bá wà ní B, tí ìparí wà ní C, ẹ fi èyí wá wákàtí fúnra yín:

```
=(C2-B2)*24
```

Ẹ fà á sọ̀kalẹ̀, ẹ ro ó pọ̀, ẹ fi í wé ti orí ínfọ́ìsì. Ẹni tó bá ń jà pé òun ò lè fi àkókò ìbẹ̀rẹ̀ hàn, ẹ má gba táìmù-ṣíìtì rẹ̀.

Ìnáwó tí wọ́n ń dá padà sọ́rùn yín ni èkejì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ ajẹyó. Kọ́ńsọ́táǹtì wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó lọ sí Àbújá, ó rí oníbàárà méjì níbẹ̀, ó sì kọ odindi owó tíkẹ́ẹ̀tì sí ínfọ́ìsì àwọn méjèèjì. Ẹ̀dà rìsíìtì tí wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò kò tó. Ẹ béèrè tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ arìnrìn-àjò àti nọ́ńbà oní-dígíìtì 13 tó wà lórí rẹ̀, àti ìwé ìwọkọ̀, torí pé èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó sì gba owó rẹ̀ padà. Ẹ wá bi í tààrà: ta ni ó tún rí lọ́jọ́ náà? Ẹ tún wo táìmù-ṣíìtì ọjọ́ yẹn bóyá ó ka wákàtí inú ọkọ̀ mọ́ iṣẹ́ ní odindi owó, láìjẹ́ pé ẹ jọ ṣàdéhùn rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ VAT náà. Ká ní kọ́ńsọ́táǹtì fi ₦107,500 tẹ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún yín, ₦7,500 inú rẹ̀ sì ti jẹ́ VAT. Tí ẹ bá ti fẹnu kò pé iye orí rìsíìtì gan-an lẹ ó san padà, tí ó wá kó ₦107,500 sórí ínfọ́ìsì, tí ó tún lé VAT 7.5% lé e, ₦8,062.50 ti gorí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí ó ya ìnáwó sọ́tọ̀ lábẹ́ owó iṣẹ́, kí ẹ lè rí orí èwo gan-an ni VAT dúró lé.

Ìwé àdéhùn ni kí gbogbo èyí ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń ka àkókò, bí wọ́n ṣe ń ka àkókò ìrìn-àjò, àti iye tí ìnáwó kò gbọdọ̀ kọjá láìgba àṣẹ yín. Tí ínfọ́ìsì bá ti wá wọlé tẹ́ ẹ sì rí àléébù, ẹ má di gbogbo owó mú. Ẹ san ìlà tó mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà àwọn ìlà tẹ́ ẹ ń ṣiyèméjì sí àti ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, kí ó má baà sọ pé ẹ jẹ òun ní gbèsè.