Sáfà oníkírẹ́dìtì àti sáfà alágbára-déédéé: èwo ni kí ẹ yá fún ìkànnì tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ yá sáfà kékeré lọ́wọ́ AWS yóò bá oríṣi mẹ́ta pàdé. Èkínní ni ìdílé `t3`, tó ń fi kírẹ́dìtì ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n bá fi sí ipò `standard`. Èkejì ni `t3` yìí kan náà ní ipò `unlimited`. Ẹ̀kẹta ni irú `c6i` àti `m6i`, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ kírẹ́dìtì, tí gbogbo agbára sípíyù rẹ̀ sì wà fún ẹni tó yá a ní gbogbo wákàtí. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìkànnì kan tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé fi ń ṣe èsì ìdánwò. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìwọ̀n díìsìkì àti bí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe yá sí, nítorí pé ojú ìwé tí ẹ ti máa yá wọn ti sọ ìyẹn. Ohun tí ojú ìwé náà kò jẹ́ kó hàn tó ni bí sáfà tó ń sáré láàárọ̀ ṣe lè máa wọ́ nílẹ̀ ní ọ̀sán láìjẹ́ pé èrò pọ̀ sí i.

Kírẹ́dìtì kan ni kí sípíyù kan fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. `t3.small` ní sípíyù méjì. Kírẹ́dìtì 24 ló ń wọlé fún un ní wákàtí kan, kò sì lè tọ́jú ju 576 lọ. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 24 yìí ni iye tí sípíyù méjèèjì máa ná bí wọ́n bá ń fi ìdá 20 nínú 100 agbára wọn ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ó dà bí àgbá omi tí ẹnu ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń pọn omi sí: ẹ lè bu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú àgbá, ṣùgbọ́n bó bá ti gbẹ, ohun tí ẹnu ẹ̀rọ náà ń sun nìkan ni ẹ máa rí lò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìparí sáà ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ní àkókò náà, àwọn olùkọ́ ń tẹ máàkì wọlé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sì ti tọ́jú máàkì kíláàsì kan, ìkànnì náà á tún ipò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò, á sì tún ìwé èsì wọn tẹ̀. Ká ní iṣẹ́ yìí ń gba ìdajì agbára sípíyù méjèèjì. Ìnáwó rẹ̀ jẹ́ kírẹ́dìtì 60 ní wákàtí kan, 24 sì ń wọlé, nítorí náà 36 ló ń dín kù. Ní òru, tí iṣẹ́ kò ju 5% lọ, 6 ni ìnáwó, 18 sì ń kún àgbá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àgbá kún fún 576. Wákàtí méjìlá ọ̀sán ná 432 nínú rẹ̀, 144 sì ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tó ráhùn. Òru fi 216 kún un, ó di 360. Ní ọjọ́ kejì, 360 yìí gbé e fún wákàtí mẹ́wàá, ó sì tán ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń lọ sílé. Láti ọjọ́ kẹta lọ, 216 tí òru kó jọ nìkan ló kù tí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò sì lè ju wákàtí mẹ́fà lọ. Aago méjì ọ̀sán ló máa ń pin sí, lójoojúmọ́. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ọjọ́ kan tí ẹ bá ṣe kí ẹ tó gba sáfà náà kò fi lè sọ ohunkóhun fún yín: ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní ìṣòro kankan.

Nígbà tí kírẹ́dìtì bá tán, sáfà kì í kú. Wọ́n kàn máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 20%, bẹ́ẹ̀ 50% ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ń béèrè. Nínú iṣẹ́ márùn-ún tó bá wọlé, méjì ló lè ṣe, mẹ́ta a sì wọ orí ìlà. Ìlà náà ń gùn sí i, títí tí Nginx tó wà níwájú, tí kì í dúró ju 60 ìṣẹ́jú-àáyá lọ bí ẹ kò bá yí i padà, yóò fi kọ `504 Gateway Time-out` sójú olùkọ́. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ máa ń pè wá lórí fóònù pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ó ti tún ń yí lójú kan láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti padà wọ kíláàsì.” Àwọn olùkọ́ ti gbà pé nẹ́tíwọọ̀kì ni, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ káàdì SIM láti orí ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Àwọn tó bá sì tún bọ́tìnnì náà tẹ̀ ń fi iṣẹ́ kún ìlà tó ti gùn.

Ohun tó ń pa sùúrù run jù ni pé gíráàfù tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò kò ní fi ohunkóhun hàn. `CPUUtilization` á dúró gbọọrọ lórí 20%, bíi pé sáfà náà ń sinmi. Aago ìkìlọ̀ tí ẹ bá fi sí 80% kò ní dún láé, torí wọn kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ mọ́. Inú sáfà náà gan-an ni ẹ ti máa rí òtítọ́ bí ẹ bá pe `top`:

```
%Cpu(s): 17.2 us, 2.6 sy, 0.0 ni, 0.3 id, 0.0 wa, 0.0 hi, 0.2 si, 79.7 st
```

`id`, tó yẹ kó ga bó bá jẹ́ pé sáfà ń sinmi lóòótọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, `st` sì ti gba àyè tó kù. `st` ni àkókò tí ètò yín fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò fún un ní sípíyù. Kí ó tó dá yín lójú, ẹ wo `CPUCreditBalance` pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: bó bá ti dé òdo ní àsìkò kan náà tí ìkànnì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ọ̀rọ̀ ti parí. Orí òun ló yẹ kí aago ìkìlọ̀ wà. Fún àpẹẹrẹ wa, bí ẹ bá ní kó dún nígbà tí ó bá ku 144, ẹ ṣì ní wákàtí mẹ́rin kí ó tó tán.

Ibi tí owó wa gbà lọ rèé. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú sáfà nígbà náà ló fi í sí `standard` nítorí ìbẹ̀rù owó dọ́là tí kò retí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `unlimited` ni `t3` máa ń bá wá. Nígbà tí ìṣòro dé, ó ní ká lọ sí èyí tó tóbi jù, a sì lọ sí `t3.medium`. Owó di ìlọ́po méjì, mẹ́mórì náà di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kírẹ́dìtì `t3.medium` ṣì jẹ́ 24 ní wákàtí kan, àgbá rẹ̀ ṣì jẹ́ 576. Aago méjì ọ̀sán ló tún ń pin sí. Kí ẹ tó rí ìyàtọ̀ nínú kírẹ́dìtì, ẹ gbọ́dọ̀ dé `t3.large`, tó ń gba 36. Òun á la ọjọ́ já: 24 ló ń pàdánù ní wákàtí kan lọ́sàn-án, òru á sì dá 30 padà. Àmọ́ owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti `c6i.large`, tí kò ní kírẹ́dìtì tí ènìyàn ń kà. Àyàfi bí ẹ bá nílò mẹ́mórì 8 GB inú rẹ̀, n kò rí ìdí tí ènìyàn fi máa rà á torí sípíyù.

Pípa sáfà àti títàn án padà kò fi kírẹ́dìtì kankan kún ti `t3`. Àwọn tó bá sọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́ rí, `t2` ló ṣeé ṣe kí wọ́n máa lò, torí òun máa ń fún ènìyàn ní kírẹ́dìtì ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá tún dìde.

Ní ti ipò `unlimited`, sáfà á máa bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí kírẹ́dìtì bá tán, wọ́n á sì gba owó lórí èlé nìkan: 0.05 dọ́là fún sípíyù kan fún wákàtí kan, lórí Linux. Wọ́n máa ń fi ohun tí òru bá kó jọ san gbèsè ọ̀sán kí wọ́n tó béèrè owó. Nínú àpẹẹrẹ wa, 50% fún wákàtí méjìlá àti 5% fún méjìlá yòókù jẹ́ 27.5% lápapọ̀. Èlé lórí 20% jẹ́ 7.5%; sípíyù méjì fún wákàtí 24 sọ ọ́ di 3.6, owó rẹ̀ sì jẹ́ 0.18 dọ́là lóòjọ́. Yíyí i padà kò gba kí ẹ pa sáfà:

```
aws ec2 modify-instance-credit-specification \
  --instance-credit-specifications \
  "InstanceId=i-1234567890abcdef0,CpuCredits=unlimited"
```

Owó 30 ọjọ́ rèé, ní iye tí wọ́n ń kọ fún Virginia láìsí àdéhùn ọdún kankan:

| Sáfà àti ipò rẹ̀ | Dọ́là | Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kẹta |
|---|---|---|
| `t3.small`, `standard` | 15 | ó ń wọ́ |
| `t3.medium`, `standard` | 30 | ó ń wọ́ |
| `t3.small`, `unlimited` | 20.4 | kò sí wàhálà |
| `t3.large`, `standard` | 60 | kò sí wàhálà |
| `c6i.large` | 61 | kò sí wàhálà |

`c6i.large` ní ìwà rere tirẹ̀. Iye kan náà ni owó rẹ̀ lóṣooṣù, ìyẹn sì ń tu akápò tó ń fi káàdì náírà san dọ́là lára. Ètò tó bá sì ya wèrè kò lè fi kọ́bọ̀ kún un, nígbà tó jẹ́ pé lórí `t3.small` ní ipò `unlimited`, ètò tó bá ń fi 100% ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru á jẹ èlé 1.92 dọ́là lóòjọ́, àpapọ̀ owó oṣù á sì kọjá 72 dọ́là. Fún ẹni tí sáfà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekára láìsinmi, bíi ẹni tó ń yí fídíò padà, `c6i` ni kó mú.

Àmọ́ kí owó `t3.small` ní ipò `unlimited` tó bá ti `c6i.large` dọ́gba, ìpíndọ́gba iṣẹ́ tọ̀sán-tòru gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí 84%. Èmi kò tíì rí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkìtì tó dé ìdajì ìyẹn, torí gbogbo wọn ló máa ń sùn lóru, tí wọ́n sì máa ń sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìsinmi. Ẹ mú èyí tó bá iṣẹ́ yín mu nínú méjèèjì; `standard` nìkan ni n kò ní yá fún ohun tí ènìyàn ń dúró dè lójú fóònù. Ẹni tó bá mú `unlimited`, kó fi aago ìkìlọ̀ kan sórí `CPUSurplusCreditsCharged`, kí ó sì rántí pé bí òun bá pa sáfà nígbà tí gbèsè kírẹ́dìtì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gba owó rẹ̀, wọn kò ní dúró de òru kó wá san án.