VOO: Àpò tó ra gbogbo agbo, dípò kéèyàn máa ṣa ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

VOO lẹ máa tẹ̀ láti rí àpò ìdókòwò ilé-iṣẹ́ Vanguard ti Amẹ́ríkà tó ń tẹ̀ lé S&P 500. Ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti kó nǹkan bí 500 ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà pọ̀. Fún ẹni tó ń tọ́jú owó tí kò ní fọwọ́ kàn fún ogún ọdún, òun ni mo fara mọ́, nítorí bí èrè ṣe ń pín lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 1,000 dọ́là ra ìpín ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá, 100 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, mẹ́ta kógbá sílé, mẹ́fà di 120 dọ́là níkọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan di 1,500. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,220 dọ́là, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣa mẹ́ta péré nínú wọn, ìgbà méje nínú mẹ́wàá ni ẹyọ kan yẹn máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ti bọ́, bó ti wù kó ríṣe tó, 300 rẹ̀ kò lè kọjá 360.

Bí ọjà gan-an ṣe rí nìyẹn. Hendrik Bessembinder, onímọ̀ nípa ìṣúná owó, yẹ nǹkan bí 25,300 ilé-iṣẹ́ wò lọ́jà Amẹ́ríkà, láti 1926 sí 2016. Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló bí gbogbo ọrọ̀ tó lé lórí èyí tí ìwé gbèsè ìjọba olóṣù kan máa ń mú wá. Ẹni tó bá ra gbogbo agbo ti ní àwọn mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yẹn lọ́wọ́, kò níláti dá wọn mọ̀.

Owó iṣẹ́ VOO jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́ta lórí 100 dọ́là lọ́dún. Bí ẹ bá ń fi 200 dọ́là sí i lóṣooṣù fún ọgbọ̀n ọdún, tí ọjà ń mú 7% wá lọ́dún, ó máa di nǹkan bí 242,500. Bí alábòójútó bá ń gba dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 200,900 ni. Ó lé ní 41,000 dọ́là tó bá owó iṣẹ́ lọ.

Àléébù rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi kó tó wọlé: Tesla ti gbówó lórí gan-an kó tó wọ S&P 500 ní oṣù Kejìlá 2020. Ẹni tí ìyẹn ń dùn lè mú VTI, àpò Vanguard mìíràn tó kó àwọn kéékèèké mọ́ ọn, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni títà nígbà ìpayà. Lọ́dún 2008, S&P 500 pàdánù 37%; ẹni tó tà nígbà yẹn ló sọ àdánù orí ìwé di òótọ́. Owó ilé ìwé tí ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀ kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi èrè ìpín ra ìpín sí i, nítorí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni VOO ń pín in. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, máa rí i pé wọ́n ti yọ 30% owó orí nínú èrè náà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.