Kí ẹ tó ra ajílẹ̀ àgbàdo: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù

Mo ti ra yúríà fún náítírójìn, mo ti ra súpà fọ́sífeéètì fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, mo ti ra pótáàṣì fún pòtásíọ̀mù, mo sì ti ra àpò tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Yúríà nìkan ló jẹ mí lówó gbé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi àpò náà. Mi ò mọ ohun tí àgbàdo mi ń fẹ́ ni.

Oko náà kò ju ààbọ̀ hẹ́kítà lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ oníyanrìn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí a gbin àgbàdo, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo já ewé kan lọ fi han ìyá tó ń ta ajílẹ̀. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ebi yúríà ló ń pa á, ẹ gbé àpò méjì." Mo gbé e. Kílò mẹ́tàlélógún náítírójìn ló wà nínú àpò yúríà kan tó jẹ́ 50 kílò, nítorí náà àgbàdo náà yọ sókè, ó dúdú, ó sì wù mí í wò. Nígbà tí òjò oníjì kan rọ̀ lálẹ́, mo bá apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tí a sì bó èyí tó dúró, orí ọmọ àgbàdo ṣófo, hóró kò dé ibẹ̀.

Ewé tí mo já lọ sọ́jà ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká ní mo mọ ibi tí à ń wò. Bí náítírójìn bá wọ́n, àwọ̀ ìyeyè máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé, yóò sì gba ojú iṣan àárín wọlé wá bí ọfà, nígbà tí etí ewé méjèèjì ṣì tutù. Bí ó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, láti ṣóńṣó kan náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n etí ewé ni yóò gbà, tí yóò gbẹ bí ohun tí iná jó, tí àárín yóò sì ṣì tutù. Etí ni tèmi gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá dáhùn ìbéèrè lórí èyí kò gbọdọ̀ kọ "ewé pọ́n" kí ó sì dúró síbẹ̀. Kí ó sọ ewé tó jẹ́, kí ó sì sọ ibi tí pípọ́n náà gbà. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà lè mú etí ewé gbẹ, ṣùgbọ́n àgbàdo tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń ká ewé òkè pọ̀ lọ́sàn-án.

Ewé ìsàlẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń kọ́kọ́ hàn, nítorí pé ohun ọ̀gbìn lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kúrò lára ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun. Bí ewé òkè bá kọ́kọ́ pọ́n, ẹ wá ẹ̀sùn náà síbòmíràn.

Ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kò le: ohun ọ̀gbìn kékeré kò ní tètè dàgbà, gbòǹgbò kò ní tàn, ewé yóò sì ní àwọ̀ elésèé àlùkò. Kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi í sítòsí irúgbìn lọ́jọ́ ìgbìn.

Náítírójìn ni ohun ọ̀gbìn fi ń kọ́ ara àti àwọ̀ ewé. Pòtásíọ̀mù ní tirẹ̀ kì í di ara ewé. Òun ló ń darí omi, tó ń ran ṣúgà lọ́wọ́ láti dé inú hóró, tó sì ń mú igi le. Mo fi yúríà sáré dàgbà, igi kò sì le tó láti gbé e. Bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ń kó pòtásíọ̀mù oko náà lọ lọ́dọọdún: inú pòròpóró ló pọ̀ sí ju inú hóró lọ, mo sì ń kó pòròpóró fún àwọn tó ń sin màlúù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ra àpò pótáàṣì kan fún ààbọ̀ hẹ́kítà náà, mo fi í sí ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ìdí irúgbìn nítorí pé iyọ̀ ni, ó lè jó ọmọ ọ̀gbìn. Yúríà di àpò kan, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó má bàa fẹ́ lọ. Etí ewé kò gbẹ mọ́.

Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá ṣeé ṣe fún yín, ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí kò bá ṣeé ṣe, tí ilẹ̀ yín jẹ́ oníyanrìn, tí ẹ sì ti ń kó pòròpóró lọ láti ọdún mélòó kan, ẹ ra 15-15-15 sílẹ̀ fún ìgbìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ewé ìsàlẹ̀: bí àárín bá pọ́n, ẹ ra yúríà; bí etí bá gbẹ, ẹ ra pótáàṣì, àní bí ẹni tó ń tà á bá ń rẹ́rìn-ín yín.