Ìkìlọ̀: ẹ má ra ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n jó irin sínú sáàsì iwájú rẹ̀

Ẹ̀yin tó ń wá ọkọ̀ àlòkù rà, ẹ ṣọ́ra o. Oníṣòwò kan fi ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan rí hàn mí. Kò fi pamọ́ rárá, ńṣe ló ń fi yangàn pé àwọn ti jó irin tó nípọn sínú sáàsì iwájú: “Ẹ̀gbọ́n, ó ti le ju ti iléeṣẹ́ lọ, kò lè rún mọ́.” Ohun tó yẹ kó lé èèyàn sá gan-an nìyẹn.

Wọ́n dìídì ṣe iwájú ọkọ̀ kó lè rún ni. Béla Barényi, ẹnjiníà Mercedes-Benz, ló gbé èrò náà kalẹ̀ láyé ọdún 1950: kí iwájú àti ẹ̀yìn máa ká, kí àárín tí èèyàn jókòó sí le gbagidi. Bí irin iwájú ṣe ń ká, ó ń gba agbára eré ọkọ̀ náà sára, ó sì ń fún ara wa ní àyè díẹ̀ láti dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó kọlu ògiri. Bí iwájú rẹ̀ bá rún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 60, bẹ́líìtì á fi agbára tó tó ìwúwo kílò 1,150 di ẹni tó wọn kílò 70 mú. Èèyàn lè yè é. Ṣùgbọ́n bí irin tí wọ́n jó mọ́ ọn bá jẹ́ kó rún ní sẹ̀ǹtímítà 20 péré, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́ta, ó ju kílò 3,400 lọ. Egungun àyà wo ló fẹ́ gba ìyẹn? Agbára eré tí iwájú kò gbà sára á sì ti àwọn òpó ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, níbi tí kò yẹ kó ti yẹ̀ rárá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí irin gígùn méjì tó wá láti ẹ̀yìn bọ́ńpà lọ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ti iléeṣẹ́ máa ń ní ojú jíjó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sábà máa ń ní ibi tí wọ́n tẹ̀ wọnú díẹ̀ kó lè káko níbẹ̀. Tí ẹ bá rí ojú jíjó tó wú gbọọrọ, ipa ẹ̀rọ ìlọ̀rin, tàbí ọ̀dà dúdú tuntun ní ojú kan ṣoṣo, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ fi sípánà kan ọ̀tún àti òsì: inú irin náà ṣófo, nítorí náà ìró méjèèjì gbọ́dọ̀ jọra.

Èyí tí wọ́n kàn fi iná gbóná nà padà náà kò dáa, torí irin tó ti ká lẹ́ẹ̀kan kì í ká bó ṣe yẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà tí wọ́n pààrọ̀ lásán kì í ṣe ẹjọ́. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bóòtù ni wọ́n fi de irin ẹ̀yìn bọ́ńpà mọ́ ọkọ̀, wọ́n ṣe é kí wọ́n lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Tí oníṣòwò bá ní ẹ kò lè wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.