Ọ̀nà Méjì Láti Fún Àfojúsùn Oṣù Mẹ́ta Ní Máàkì

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìtajà kan tó fẹ́ kí iye oníbàárà tó ń padà wá rajà kúrò ní 40 nínú 100 bọ́ sí 60 láàárín oṣù mẹ́ta, àmọ́ tó parí sí 50.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a fi 60 pín 50, èyí tí yóò fún wa ní 0.83. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ káwọ́ lẹ́rán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 0.67 ni wọn ì bá gbà, nítorí pé 40 tó ti wà nílẹ̀ ni a tún kà mọ́ iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà kejì ń yọ 40 náà kúrò lókè àti nísàlẹ̀:

```
(50 - 40) / (60 - 40) = 0.5
```

Èyí ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè ṣeé ṣe àfi bí a bá ti kọ iye ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti jẹ́ òdo, irú bí ṣíṣí ẹ̀ka tuntun mẹ́rin níbi tí kò sí ẹyọ kan tẹ́lẹ̀, máàkì ọ̀nà méjèèjì kò yàtọ̀.